Ìwé Àyẹ̀wò Oní-Plọ́ọ̀sì: Ibà Jẹ̀funjẹ̀fun ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ

Ní Ọ̀wọ̀, ní Ifọ́n, ní Ìdó-Àní, bí ara ẹnìkan bá gbóná fún ọjọ́ méjì, orúkọ àìsàn méjì ni yóò kọ́kọ́ gbọ́: màléríà àti táífọ́ọ̀dù, tí àwọn àgbà ń pè ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Nígbà mìíràn, wọn a so méjèèjì pọ̀ fún un. Yóò lọ sí yàrá àyẹ̀wò kékeré kan lẹ́bàá ọ̀nà, wọn á fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, yóò sì mú ìwé pélébé kan bọ̀ níbi tí wọ́n kọ O àti H sí, pẹ̀lú 1/80 tàbí 1/160 níwájú wọn. Ẹni tó fa ẹ̀jẹ̀ náà á là á yé e ní gbólóhùn kan: “Táífọ́ọ̀dù yín ti di plọ́ọ̀sì méjì o.” Ọ̀dọ̀ kẹ́mísìtì ló kàn.

Ìwé pélébé yẹn ni mo fẹ́ yẹ̀ wò. Ibà jẹ̀funjẹ̀fun kì í ṣe àròsọ, ó wà, ó sì ń pa ènìyàn. Ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò lágbára láti sọ ẹni tó ní in àti ẹni tí kò ní in. Ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ tí mo ń sọ yìí, àṣìṣe náà tún léwu ju ti ibòmíràn lọ, nítorí àìsàn kẹta kan wà níbẹ̀ tó máa ń bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí méjì àkọ́kọ́, tí kì í sì í dúró de ẹni tó ń fi ọjọ́ ṣòfò.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń wá. Bakitéríà kan tó ń jẹ́ Sàmónẹ́là Táífì ló ń fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Inú ènìyàn nìkan ló ń gbé. Ó ń ti inú ìgbẹ́ ẹni tó ní in bọ́ sínú kànga, odò tàbí oúnjẹ, ó sì ń gba ẹnu wọ inú ẹlòmíràn. Ọ̀sẹ̀ kan sí méjì ló sábà máa ń lò lára kí ibà tó bẹ̀rẹ̀. Ibà náà kì í já lu ènìyàn lójijì bíi ti màléríà. Díẹ̀díẹ̀ ló ń gun òkè lójoojúmọ́, pẹ̀lú orí fífọ́, àìlèjẹun, àárẹ̀ àti inú rírun. Àgbàlagbà púpọ̀ kì í rí ìgbẹ́ yà lákọ̀ọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ sì rèé, ọmọdé lè máa yàgbẹ́ gbuuru. Tí a kò bá tọ́jú rẹ̀, tó bá di bí ọ̀sẹ̀ kẹta, kòkòrò náà lè dá ìfun lu, ohun inú ìfun á sì tú sínú ikùn. Iṣẹ́ abẹ nìkan ló lè gba irú ẹni bẹ́ẹ̀.

Àyẹ̀wò tí gbogbo ènìyàn ń ṣe yẹn ni wọ́n ń pè ní Wídàlì, orúkọ dókítà ará Faransé kan tó ṣe é jáde ní Párísì lọ́dún 1896. Kì í wá kòkòrò náà fúnra rẹ̀. Ohun tó ń wá ni àwọn ẹ̀ṣọ́ tí ara ènìyàn máa ń ṣe láti bá kòkòrò jà. Wọ́n á kán omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn sórí dígí tàbí pátákó funfun, wọ́n á kán omi aláwọ̀ tí òkú bakitéríà wà nínú rẹ̀ sí i, wọ́n á pò wọ́n pọ̀, wọ́n á sì máa mì í fún bí ìṣẹ́jú kan. Bí ẹ̀ṣọ́ bá wà nínú ẹ̀jẹ̀ náà, òkú bakitéríà yóò dì mọ́ ara wọn, yóò ṣù bí ìyẹ̀fun tí omi ta sí. Lẹ́tà O dúró fún ara bakitéríà, H sì dúró fún irù tó fi ń lúwẹ̀ẹ́. Ìtumọ̀ 1/160 ni pé a bu omi la omi ẹ̀jẹ̀ náà títí ó fi di ìdá kan nínú 160, síbẹ̀ ó ṣì ń ṣù. Kò sọ bí àìsàn náà ti le tó. Plọ́ọ̀sì mẹ́ta kò burú ju plọ́ọ̀sì kan lọ lára aláìsàn.

Bí a bá tẹ̀lé ìlànà àyẹ̀wò náà, ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀mejì ni à ń gbà: ọ̀kan nígbà tí ibà bẹ̀rẹ̀, èkejì lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Tí nọ́ńbà èkejì bá fi ìlọ́po mẹ́rin ju ti àkọ́kọ́ lọ, bí àpẹẹrẹ láti 1/40 sí 1/160, a lè gbà pé ara ń bá nǹkan kan jà lọ́wọ́lọ́wọ́. Ta ló ń dúró fún ọjọ́ mẹ́rìnlá ní Ọjà Ọba ní Ọ̀wọ̀? Ẹ̀jẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n ń gbà, níbẹ̀ sì ni wàhálà ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀ṣọ́ O kì í sábà hàn kí ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ibà tó fẹ́rẹ̀ẹ́ parí, H sì tún ń tẹ̀lé e lẹ́yìn. Nítorí náà, ẹni tí ibà rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọjọ́ mẹ́ta lè ní jẹ̀funjẹ̀fun gidi kí Wídàlì má rí nǹkan kan. Èyí tó tún ta kókó ni pé bí Wídàlì ẹni ọlọ́jọ́ mẹ́ta yìí bá jáde ní 1/160, ó ṣeé ṣe kí ẹ̀ṣọ́ náà ti wà níbẹ̀ ṣáájú ibà yìí. Níbi tí omi kò ti mọ́, ọ̀pọ̀ wa ló ti bá kòkòrò yìí tàbí ẹbí rẹ̀ pàdé rí láìmọ̀. Ẹ̀ṣọ́ H lè wà lára fún oṣù, kódà fún ọdún. Sàmónẹ́là mìíràn tí kì í fa ibà jẹ̀funjẹ̀fun pín ara kan náà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ̀ṣọ́ tó dìde sí wọn yóò sì ṣù lórí dígí. Màléríà pàápàá ń ta ara jí débi tí ẹ̀ṣọ́ oríṣiríṣi á gòkè lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ajá tó ń gbó lóru ni Wídàlì rí: ó lè jẹ́ olè ló ń gbó mọ́, ó lè jẹ́ ewúrẹ́ aládùúgbò, ó sì lè jẹ́ ẹni tó ti kọjá lọ lánàá.

Ẹ má gbàgbé ọwọ́ tó ń ṣe é. Omi aláwọ̀ náà ní láti wà nínú fíríìjì, bẹ́ẹ̀ ẹ mọ bí iná ìjọba ti rí. Tí wọ́n bá fi dígí sílẹ̀ ju ìṣẹ́jú kan lọ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ, etí rẹ̀ á máa ṣe bí ohun tó ṣù. Ojú lásán ni wọ́n fi ń wò ó. Yàrá àyẹ̀wò méjì lè gba ẹ̀jẹ̀ ènìyàn kan láàárọ̀ ọjọ́ kan kí èsì wọn má sì bára mu.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò kan, kí ẹ fi ọwọ́ ara yín rí i. Ká ní ọgọ́rùn-ún ènìyàn tí ara wọn ń gbóná wá sí yàrá àyẹ̀wò kan, kí márùn-ún péré nínú wọn ní ibà jẹ̀funjẹ̀fun lóòótọ́. Ká fún Wídàlì ní oore díẹ̀: ká ní ó rí mẹ́rin nínú márùn-ún yẹn. Ká tún ní kì í ṣìnà lára àwọn tí kò ní in ju ìdá kan nínú márùn-ún lọ. Àwọn tí kò ní in jẹ́ 95, ìdá kan nínú márùn-ún rẹ̀ jẹ́ 19. Ènìyàn 23 ni yóò gba ìwé plọ́ọ̀sì lọ́jọ́ náà. Nínú wọn, mẹ́rin ló ní jẹ̀funjẹ̀fun, mọ́kàndínlógún kò ní in. Àwọn mọ́kàndínlógún yẹn yóò ra oògùn, yóò mu ún, púpọ̀ nínú wọn yóò sì yá, nítorí ohun tó ń ṣe wọ́n ń lọ fúnra rẹ̀ tàbí nítorí oògùn màléríà tí wọ́n lò pọ̀ mọ́ ọn. Wọn á máa dúpẹ́ lọ́wọ́ Wídàlì. Báyìí ni àyẹ̀wò tí kò péye ṣe ń gba orúkọ rere.

Ibẹ̀ náà ni ẹjọ́ tí à ń gbọ́ lójoojúmọ́ ti wá: “Táífọ́ọ̀dù mi kì í lọ.” Ẹni náà ti lo oògùn lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún kan. Gbogbo ìgbà tó bá tún Wídàlì ṣe, plọ́ọ̀sì ṣì wà níbẹ̀. Kò sí ìdí tí kò fi ní wà níbẹ̀. Oògùn ń pa kòkòrò, kì í pa ẹ̀ṣọ́ ara. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi Wídàlì wò ó bóyá òun ti yá, dókítà tó bá sì ń fi í yẹ ara ẹni wò lẹ́yìn ìtọ́jú ń fi owó aláìsàn ṣòfò. Bí ara ẹni bá ń rẹ̀ ẹ́ fún oṣù púpọ̀, ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, ikọ́ ẹ̀gbẹ, àìtó ẹ̀jẹ̀ àti àìsùndáadáa ló yẹ ká yẹ̀ wò, kì í ṣe Sàmónẹ́là.

Ohun tó mú Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ yàtọ̀ ni ibà Lásà. Ọdún 1969 ni wọ́n kọ́kọ́ dá kòkòrò yìí mọ̀, ní ìlú Lásà ní Bọ̀nọ́. Láti ọdún 2018 wá, ìpínlẹ̀ Òndó ń wà lára àwọn tó ń léwájú nínú iye tó ń ní in ní Nàìjíríà, nínú ìpínlẹ̀ náà sì rèé, Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ ni orúkọ wọn kì í tán nínú ìròyìn. Eku kan tó ń gbé inú ilé àti inú oko ló ń gbé e kiri. Ìtọ̀ àti ìgbẹ́ rẹ̀ ló ń bá gààrí àti àgbàdo tí wọ́n sá sí gbangba jẹ́. Láti Oṣù Kọkànlá sí Oṣù Kẹrin, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, ló máa ń gbilẹ̀ jù. Ilé Ìwòsàn Ìjọba Àpapọ̀ tó wà ní Ọ̀wọ̀ ló ní ibùdó ìtọ́jú rẹ̀, níbi tí àwọn oníṣègùn ti bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn láti ilẹ̀ òkèèrè ṣe ìwádìí ńlá kan láàárín ọdún 2018 sí 2020. Nínú 510 ènìyàn tí àyẹ̀wò fi hàn pé wọ́n ní Lásà nínú ìwádìí náà, 62 ló kú, ìyẹn bí méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún. Pé kíndìnrín ẹni ti bàjẹ́ kó tó dé ilé ìwòsàn wà lára ohun tó jẹ́ kí ikú sún mọ́ ọn jù.

Báwo ni Lásà ṣe ń bẹ̀rẹ̀? Ara gbígbóná tó ń gòkè díẹ̀díẹ̀, orí fífọ́, àárẹ̀, inú rírun, èébì, ọ̀fun dídùn. Ẹ fi wé ohun tí mo sọ nípa jẹ̀funjẹ̀fun lókè, kí ẹ wò ó bóyá ẹ lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Ẹ̀jẹ̀ tó ń ti ẹnu tàbí imú jáde, tí gbogbo ènìyàn ń retí, kì í ṣẹlẹ̀ sí púpọ̀ nínú àwọn tó ní in, bó bá sì ṣẹlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti pẹ́.

Ẹ jẹ́ ká fi ojú inú wo àgbẹ̀ kan ní Òkèlúsè nínú Oṣù Kìíní. Ibà mú un ní ọjọ́ Ajé. Ó mu àgbo àti párásítámọ́ọ̀lù. Ní Ọjọ́rú, ó ra oògùn màléríà lọ́dọ̀ kẹ́mísìtì, ó sì lò ó fún ọjọ́ mẹ́ta. Ní Sátidé, ibà kò lọ, inú sì ń run ún. Ọmọ rẹ̀ gbé e lórí ọ̀kadà lọ ṣe àyẹ̀wò: O 1/160, H 1/160. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gún un ní abẹ́rẹ́ jẹ̀ńtà pẹ̀lú Sípírò oníhóró. Ní ọjọ́ Ajé kejì ni èébì kò dáwọ́ dúró mọ́, tí ojú rẹ̀ wú. Ọjọ́ kẹjọ nìyẹn. Bó bá jẹ́ Lásà ló ń ṣe é, àwọn ọjọ́ tí oògùn lè ràn án lọ́wọ́ jù ti kọjá. Ìwádìí tí wọ́n gbé jáde ní 1986 láti Siẹrra Lióònù fi hàn pé nínú àwọn tí àìsàn náà wọ̀ lára gan-an, ẹni tó bá bẹ̀rẹ̀ abẹ́rẹ́ ribafírìn láàárín ọjọ́ mẹ́fà àkọ́kọ́ ní àǹfààní tó ga ju ẹni tó bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìgbà náà lọ fíìfíì. Àwọn onímọ̀ ti ń tún ìwádìí náà yẹ̀ wò, wọ́n ní kò lágbára tó bí a ti rò. Síbẹ̀, omi, ẹ̀jẹ̀ àti ẹ̀rọ tó ń fọ ẹ̀jẹ̀ fún kíndìnrín kò lè ran ẹni tó wà nílé pẹ̀lú ìwé plọ́ọ̀sì lọ́wọ́. Láàárín ọjọ́ mẹ́jọ yẹn, ìyàwó àgbẹ̀ náà ti ń nu èébì, ẹni tó ń gún un lábẹ́rẹ́ sì ti fọwọ́ kan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.

Inú tó ń run yìí tún ní ewu mìíràn. Aláìsàn Lásà lè wá pẹ̀lú ikùn tó le gbagidi, kí wọ́n rí plọ́ọ̀sì nínú ìwé rẹ̀, kí wọ́n sì pinnu pé jẹ̀funjẹ̀fun ti dá ìfun lu. Wọ́n á gbé e lọ sórí tábìlì iṣẹ́ abẹ, ọwọ́ gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ á sì wọ inú ẹ̀jẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ Ímò lọ́dún 1989, ènìyàn 34 ni Lásà mú ní ilé ìwòsàn méjì, 22 sì kú. Abẹ́rẹ́ kan náà tí wọ́n ń fi gún aláìsàn púpọ̀ ló tàn án kálẹ̀ láàárín àwọn aláìsàn, iṣẹ́ abẹ pàjáwìrì sì wà lára ohun tó gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn òṣìṣẹ́. Dókítà oníṣẹ́ abẹ méjì wà lára àwọn tó kó o.

Kí ló yẹ ká ṣe, nígbà náà? Ètò tí mo fara mọ́ rọrùn. Àyẹ̀wò màléríà ni kó ṣáájú, èyí tí wọ́n ń fi ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ ṣe lórí pátákó pẹlẹbẹ, tí èsì rẹ̀ ń jáde láàárín ìṣẹ́jú ogún. Bí màléríà kò bá sí níbẹ̀, tàbí tó wà tí ibà kò sì lọ lẹ́yìn ọjọ́ méjì sí mẹ́ta tí wọ́n ti lo oògùn rẹ̀ bó ti yẹ, Lásà ló kàn ní Ọ̀wọ̀ àti Ọ̀sẹ, pàápàá lásìkò ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ aláìsàn ni kó lọ sí ibùdó tó ń wá kòkòrò Lásà gan-an, òṣìṣẹ́ sì gbọ́dọ̀ wọ ìbọ̀wọ́ kó tó fà á. Ẹ̀yìn èyí ni kí a tó máa sọ̀rọ̀ jẹ̀funjẹ̀fun.

Àyẹ̀wò tó ń fi jẹ̀funjẹ̀fun hàn ní tòótọ́ ni kí a gba ẹ̀jẹ̀ sínú ìgò oúnjẹ kòkòrò, kí a gbé e sínú ooru, kí a wò ó bóyá Sàmónẹ́là yóò hù jáde. Kò pé, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Bakitéríà tó wà nínú mílílítà kan ẹ̀jẹ̀ àgbàlagbà sábà máa ń jẹ́ ẹyọ kan tàbí kó má tó bẹ́ẹ̀. Ìdí nìyí tí mílílítà mẹ́wàá fi yẹ kó jẹ́ ti àgbàlagbà, kì í ṣe méjì. Àní bí wọ́n bá ṣe é dáadáa, bíi mẹ́fà nínú mẹ́wàá àwọn tó ní in ló ń rí. Ẹni tó bá ti gbé Sípírò mì kó tó wá ti ba iye náà jẹ́. Ọjọ́ méjì sí márùn-ún ni èsì fi ń jáde. Ṣùgbọ́n bó bá hù, kò sí iyàn jíjà mọ́, wọ́n á sì lè dán oògùn wò lára kòkòrò náà kí a mọ èyí tó lè pa á. Dókítà kò ní láti dúró di ọjọ́ karùn-ún kó tó bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú. Kó gba ẹ̀jẹ̀ ná, kó bẹ̀rẹ̀ oògùn, kó tún un ṣe nígbà tí èsì bá dé. Àwọn àyẹ̀wò pélébé tuntun wà lọ́jà tó ń wá ẹ̀ṣọ́ ara. Wọ́n sàn ju Wídàlì lọ díẹ̀, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní ti oògùn, ọjà ti yí padà. Kulorámfẹ́níkọ̀ọ̀lù, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lọ́dún 1948, ampisílíìnì àti Sẹ́pítírìn kò ran ìran kòkòrò tó gbòde ní Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà mọ́, ìran tí àwọn onímọ̀ ń pè ní 3.1.1. Sípírò gba ipò wọn, ṣùgbọ́n a ti lò ó sí orí fífọ́, èébì, ìgbẹ́ gbuuru àti ìwé plọ́ọ̀sì débi tí òun náà ti ń rẹ̀ ní Nàìjíríà. Oògùn tó ṣì ṣeé gbára lé fún ẹni tó lè gbé oògùn mì ni asitiromáísíìnì, ẹ̀ẹ̀kan lójúmọ́ fún ọjọ́ méje. Ẹni tó wà lórí ibùsùn ilé ìwòsàn á gba abẹ́rẹ́ sẹfitiráyásóònù, ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Ìwọ̀n ara ni dókítà fi ń ṣírò èyí tí ọmọdé yóò lò. Abẹ́rẹ́ jẹ̀ńtà tí àgbẹ̀ wa gbà kò wúlò rárá fún jẹ̀funjẹ̀fun: ó lè pa kòkòrò náà nínú ìgò, ṣùgbọ́n inú àwọn ẹ̀yà ara tíntìntín ni Sàmónẹ́là ń sá pamọ́ sí, jẹ̀ńtà kò sì lè wọ ibẹ̀ dáadáa. Ní Sindh, ní Pakístáánì, láti ọdún 2016, ìran kan ti jáde tí sẹfitiráyásóònù pàápàá kò ran mọ́. Asitiromáísíìnì ni oògùn onímimu tó ṣẹ́ kù fún wọn, ẹ ò rí i pé kò yẹ ká máa fi í tọ́jú plọ́ọ̀sì.

Ohun kan tó máa ń kó àwọn ará ilé sí wàhálà ni pé oògùn tó tọ́ kì í mú ibà lọ lọ́jọ́ kejì. Ọjọ́ mẹ́rin sí márùn-ún lè kọjá kí ara tó tutù. Kì í ṣe pé oògùn kò ṣiṣẹ́. Àmọ́ bí ọjọ́ márùn-ún bá kọjá, tàbí ikùn bá le, tàbí ẹ̀jẹ̀ bá jáde nínú ìgbẹ́, ilé ìwòsàn ńlá ló kàn lójú ẹsẹ̀.

Ẹni tó bá ń gbé Ọ̀wọ̀ tàbí Ọ̀sẹ tí ó sì ka èyí, ohun tí mo ń bẹ̀ yín fún ni pé, bí ibà kò bá lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ ti lo oògùn màléríà, ẹ má lọ ra Wídàlì. Ẹ gba ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ lọ, kí ẹ sì sọ fún wọn láti ẹnu ọ̀nà pé ibà ọlọ́jọ́ púpọ̀ ni, kí wọ́n lè fi ìbọ̀wọ́ gbà yín. Ẹ̀yin tó ń ṣe yàrá àyẹ̀wò, ẹ yọ Wídàlì ẹlẹ́ẹ̀kan kúrò nínú ohun tí ẹ ń tà.